Lẹ́tà sí Oníṣẹ́ Sólà: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Nípa Ìwé Iye Owó àti Wáráńtì

Láti ìgbà tí sólà ti wà lórí òrùlé mi ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ni ará àdúgbò àti ẹbí ti ń fi ìwé iye owó tí oníṣẹ́ kọ fún wọn hàn mí pé kí n bá àwọn wò ó. Èmi kì í ṣe ẹ́ńjíníà o. Oníbàárà ni mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ra ínfátà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹyọ kan. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá ṣáá ni mo kó jọ síbí.

Ṣé dandan ni kí n kọ lẹ́tà? Mo ṣáà lè pè é lórí fóònù, kó sọ iye rẹ̀.

Ẹ lè pè é, á sì sọ iye kan fún yín. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ́ńjíníà, èló ni sólà fún ilé oníyàrá mẹ́ta?" Ó dárúkọ owó, mo ní kó dín in, ó dín in, ó sì fi ìwé kan ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé náà: ínfátà, bátìrì, páánẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ọwọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé "wáráńtì wà". Mo sanwó.

Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, ínfátà dákẹ́. Oníṣẹ́ ní wáráńtì ọdún kan ni, ó sì ti kọjá. Mo ní, "Ṣebí ọdún méjì lẹ sọ fún mi?" Ó ní ọdún méjì yẹn, ti bátìrì ni. Mo mú ìwé náà jáde kí n lè tọ́ka sí i, n kò rí ohun tí n ó tọ́ka sí. Kò sí orúkọ ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, kò sí ọdún, kò sí ọjọ́. Títí di òní, n kò lè búra pé ó purọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gbọ́ ọ lódì. Bí mo ṣe ra ínfátà kejì nìyẹn.

Lẹ́tà kan náà tún ṣeé fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ mẹ́ta. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa dáhùn, ẹ ó sì lè gbé ìdáhùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ohun tó bá wá sí kálukú lọ́kàn ló máa dá lé.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀?

Ohun tí ẹ fẹ́ lò, àti wákàtí tí ẹ fẹ́ fi lò ó. Ẹ má kọ́kọ́ sọ pé "mo fẹ́ kéfíéè 5". Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ti yan ẹ̀rọ. Bí kò bá wá gbé ilé yín, oníṣẹ́ á ní ohun tí ẹ béèrè lòun fún yín, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka ẹrù ilé yín sílẹ̀ fún un, tó sì kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí òun mú wá á gbé e, ẹrù náà ti kúrò lórí yín.

Òru ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, torí pé bátìrì nìkan ló ń dá iṣẹ́ ṣe nígbà náà. Bí tèmi ṣe lọ rèé: wáàtì ní ìlọ́po wákàtí, ohun tí wọ́n ń pè ní wáàtì-wákàtì. Fáànù mẹ́ta, wáàtì 70 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 10, ìyẹn 2,100. Gílóòbù mẹ́jọ oníwáàtì 10 fún wákàtí 5, ìyẹn 400. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 100 fún wákàtí 4, 400 mìíràn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì, wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 3, ìyẹn 360. Fíríìjì mi ń jẹ nǹkan bí 1,000 láàárín ọjọ́ kan, mo wá mú ìdajì rẹ̀ fún òru, 500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,760 wáàtì-wákàtì.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Lítíọ́mù tó wọ́pọ̀ nínú ilé báyìí ni ti fóòtì 51.2, áńpù-wákàtì 100. Tí a bá sọ 51.2 di púpọ̀ ní ìlọ́po 100, ó di 5,120. Àmọ́ a kì í lò ó gbẹ. Bí oníṣẹ́ bá ṣètò rẹ̀ pé kó dúró nígbà tí a bá ti lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, 4,096 ni tiwa nínú rẹ̀, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá nínú ìyẹn. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ fáànù kò tó 3,700. Ó dín díẹ̀ sí ohun tí mo nílò. Bátìrì kan á gbé ilé mi dé ìdájí, ṣùgbọ́n kò ní ṣẹ́ kù rárá, ọjọ́ tí òjò bá sì rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ooru á jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo tó mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi oníṣẹ́: ṣé bátìrì kan lẹ ń wò ni, tàbí méjì, kí sì ni ìdí?

Ẹ dárúkọ pọ́ǹpù omi lọ́tọ̀, tí ẹ bá ní in. Pọ́ǹpù agbára ẹṣin 1 lè máa jẹ nǹkan bí wáàtì 1,000 nígbà tó bá ti ń yí, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà tí wọ́n ní ó "ń kú láìnídìí", pọ́ǹpù tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká rí lẹ́tà kan.

Èyí ni mo kọ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ mú ohun tó bá yín mu níbẹ̀.

> Ẹ́ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o.
>
> Ẹnì kan tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ló júwe yín fún mi. Mo fẹ́ fi sólà sí ilé mi ní Bódìjà. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwé iye owó sí mi, kí ohun kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú owó tirẹ̀.
>
> Láti aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, ohun tí mo fẹ́ lò jẹ́ 3,760 wáàtì-wákàtì. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Ní ọ̀sán, mo fẹ́ kí pọ́ǹpù agbára ẹṣin 1 lè ṣiṣẹ́ pa pọ̀ mọ́ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ohun tí ẹ fẹ́ gbé wá á gbé ẹrù yìí.
>
> Fún ínfátà, bátìrì àti páánẹ́ẹ̀lì, mo fẹ́ mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bó ṣe lágbára tó, iye ẹyọ àti owó ẹyọ kan, àti bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Fún wáyà, ẹ kọ bó ṣe nípọn tó, mítà mélòó, àti bóyá ògidì kọ́pà ni. Fún bíréékà, ẹ kọ áńpù rẹ̀ àti ibi tí ẹ fẹ́ fi sí. Ẹ jẹ́ kí irin tí páánẹ́ẹ̀lì máa jókòó lé, ẹ́ẹ̀tì tó ń darí iná sínú ilẹ̀, ohun tó ń dín agbára mànàmáná kù, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ wà lórí ìlà tiwọn. Ẹ sọ bóyá fáàtì ìdá 7.5 ti wà nínú owó náà, àti iye ọjọ́ tí owó náà kò ní yí padà.
>
> Nípa wáráńtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí fún ínfátà, fún bátìrì, fún páánẹ́ẹ̀lì, àti fún iṣẹ́ ọwọ́ yín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló fún un? Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí? Kí ló bò, kí ni kò bò? Ta ló máa tú ẹ̀rọ, ta ló máa gbé e lọ gbé e bọ̀, ta sì ni yóò san owó ìyẹn? Bí mo bá pè yín, ọjọ́ mélòó lẹ máa fi dé, kí sì ni a ó máa lò kó tó padà dé?
>
> Inú mi á dùn bí ẹ bá lè wá wo ilé kí ẹ tó kọ ọ́. Ọjọ́ Sátidé ló rọ̀ mí lọ́rùn. Oníṣẹ́ mẹ́ta ni mo kọ̀wé sí, gbogbo yín ni n ó sì dá lóhùn.
>
> Ẹ ṣeun.

Wáyà àti bíréékà náà kẹ̀? Ṣé ẹ kò rò pé a ti ń yọ oníṣẹ́ lẹ́nu?

Ínfátà àti bátìrì, gbogbo èèyàn ló lè ka orúkọ tó wà lára wọn. Wáyà ń bẹ nínú ọ̀pá, bíréékà ń bẹ nínú àpótí. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ dín owó kù láti gba iṣẹ́ ti máa ń dín in.

Ẹ wo wáyà tó ti bátìrì lọ sí ínfátà. Wáàtì 5,000 lórí fóòtì 48 lé ní áńpù 100. Wáyà ẹni tó mọṣẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílì 35. Tí wọ́n bá fi èyí tó tín-ín-rín síbẹ̀, tàbí àlúmíníọ́mù tí wọ́n kàn fi kọ́pà bò lójú, á máa gbóná ní gbogbo ìgbà tí ẹrù bá pọ̀. Ẹ lè dá a mọ̀: ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun bí ìkòkò àlúmíníọ́mù, kì í ṣe kọ́pà.

Ti bíréékà tilẹ̀ léwu ju ìyẹn lọ. Iná Nẹ́pà àti iná tí ínfátà ń gbé fún ilé, lílọ-bíbọ̀ ni tiwọn. Ìgbà 100 ni wọ́n ń kan òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí bíréékà bá já, iná tó ń fò láàárín ẹnu rẹ̀ á kú ní ọ̀kan nínú àwọn òdo yẹn. Iná tó ń ti orí páánẹ́ẹ̀lì àti inú bátìrì bọ̀ kì í kan òdo rárá, tààrà ló ń ṣàn. Bí wọ́n bá fi bíréékà ilé síbẹ̀, ó lè já lóòótọ́, kí iná sì máa fò nínú rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀ títí ike rẹ̀ á fi yọ́, ibẹ̀ sì ni iná ti ń ran ilé. Lára èyí tó tọ́ fún ìhà yẹn, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ `DC`. Ti ilé ni wọ́n ń kọ `AC` sí, tàbí àmì tó dà bí ìgbì omi kékeré. Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ tán, ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí náà kí ẹ kà á.

Oníṣẹ́ mi kọ wáráńtì ọdún 25 sí páánẹ́ẹ̀lì. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́ kó má sì jẹ́ ohun tí ẹ rò. Oríṣi wáráńtì méjì ló máa ń wà lórí páánẹ́ẹ̀lì kan. Èyí tó gùn, ọdún 25 tàbí 30, ń sọ nípa agbára nìkan: pé nígbà tí ọdún náà bá pé, páánẹ́ẹ̀lì náà á ṣì máa mú nǹkan bí ìdá 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń mú wá nígbà tó wà ní tuntun. Bí omi bá ń wọ inú rẹ̀ tàbí àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, wáráńtì ọjà fúnra rẹ̀ ló kàn, ìyẹn kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀; ọdún 10 sí 15 ló wọ́pọ̀. Bí máńgòrò bá já lù ú, kò sí nínú ọ̀kankan.

Ẹ béèrè ẹni tó ń dúró fún ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Wáráńtì tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ṣáínà nìkan ni ẹ ti lè gbà á, páálí lásán ni.

Ẹ gbé tépù ìwọ̀n dání lọ́jọ́ tí ọjà bá dé. Páánẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 tó wọ́pọ̀ gùn ní bíi mítà 2.28, ó sì fẹ̀ ní bíi mítà 1.13. Bí èyí tí wọ́n gbé dé bá kéré sí ìyẹn dáadáa, tí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń pariwo 550, bébà ni wọ́n pààrọ̀.

Ti bátìrì ńkọ́? Wọ́n ní ìgbà 6,000 ló máa lè gba iná kó sì lò ó.

Ẹ fi 365 pín 6,000. Bí ẹ bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́, ó lé ní ọdún 16. Ẹ wá wo ìlà tó tẹ̀ lé e nínú ìwé wáráńtì, ẹ ó rí i pé ọdún 5 tàbí 10 ni wọ́n kọ, pẹ̀lú gbólóhùn pé èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló parí rẹ̀. Ìpolówó ọjà ni 6,000 yẹn. Ọdún ni ẹ ń rà. Ẹ béèrè ohun kan sí i: kí ni bátìrì máa dín kù dé kí wọ́n tó gbà pé ó ti bàjẹ́? Ìdá 70 tàbí 80 ni wọ́n sábà máa ń kọ. Bí wọn kò bá kọ iye kankan, bátìrì tí kò gbé yín kọjá aago mọ́kànlá òru mọ́ á ṣì jẹ́ "bátìrì tó ń ṣiṣẹ́" lójú wọn.

Ọjọ́ wo gan-an ni wáráńtì ń bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣeé ṣe: ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà, ọjọ́ tí ọ̀gá ọjà ní Alábà tà á fún oníṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ sanwó, àti ọjọ́ tí wọ́n tan iná rẹ̀ ní ilé yín. Ẹ̀rọ tó ti sun oṣù mẹ́jọ nínú ṣọ́ọ̀bù ti jẹ oṣù mẹ́jọ nínú ọdún kan yín bí wọ́n bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tí mo ń béèrè ni ọjọ́ tí wọ́n tan án. Oníṣẹ́ tí mo gbà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yẹn, wọ́n lè ní ẹ̀rọ tí ẹ gbé padà wá kì í ṣe tàwọn.

Kí ló máa ń ba wáráńtì jẹ́?

Mànàmáná, omi, ẹrù àpọ̀jù, iná Nẹ́pà tó ga jù, àti kí ẹlòmíràn ṣí ẹ̀rọ náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ínfátà kú ní alẹ́ Sátidé, oníṣẹ́ kò gbé fóònù, ẹ pe ọmọ àdúgbò kan pé kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ó já bébà tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi dé.

Ọmọńlé náà wà níbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú ínfátà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọńlé á sì wọlé, á fi ara kan ibi méjì tí kò yẹ kó pàdé, òun àti bọ́ọ̀dù á jọ kú. Ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì kò bo kòkòrò àti ẹranko. Ẹ béèrè bóyá oníṣẹ́ á fi nẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ihò afẹ́fẹ́ láìdí i pa, kí ó sì kọ ọ́ pé òun ló fi í, kí ẹnì kan má baà sọ lọ́la pé ẹ̀yin lẹ dí ẹ̀rọ lẹ́mìí.

Nípa mànàmáná, bí wáráńtì kò bá bò ó, tí ìwé iye owó kò sì ní ẹ́ẹ̀tì àti ohun tó ń dín agbára rẹ̀ kù, kò sí ohunkóhun tó dúró láàárín yín àti òjò àkọ́rọ̀.

Mo ti gba ìwé méjì. Ọ̀kan fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí èkejì. Ṣé kí n mú un?

Ẹ wo ohun tó dín in. Ti èmi náà rí bẹ́ẹ̀. Ínfátà kan náà, bátìrì kan náà, àmọ́ páánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 mẹ́rin ni ọ̀kan kọ, mẹ́fà ni èkejì kọ. Mo fi òòrùn wákàtí mẹ́rin tó múná ṣe ìṣirò, mo sì mú ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, torí ooru, eruku àti ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Mẹ́rin á mú 6,600 wá, mẹ́fà á mú 9,900. Pẹ̀lú ohun tí a ń lò lọ́sàn-án, ilé mi ń fẹ́ nǹkan bí 6,000 lọ́jọ́ kan. Mẹ́rin tó, bí òòrùn bá ràn.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ, ojú ọ̀run Ìbàdàn máa ń ṣú fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Mo tún un ṣe pẹ̀lú wákàtí mẹ́ta. Mẹ́rin di 4,950, mẹ́fà di 7,425. Ìwé tó dín yẹn, owó jẹnẹrétọ̀ ìgbà òjò ló fi dín. Mo mú ti ẹni tó kọ mẹ́fà, mo sì pe èkejì láti ṣàlàyé fún un. Ó ní òun rò pé owó nìkan ni mò ń wò.

Bí oníṣẹ́ bá bínú sí lẹ́tà náà ńkọ́?

Nínú mẹ́ta tí mo kọ̀wé sí, ẹnì kan kò fèsì. Ẹnì kan pè, ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa ṣe é dáadáa fún yín." Mo dúpẹ́, mo ní kó kọ ọ́. Kò kọ ọ́. Ẹnì kẹta pè láti bi mí pé níbo ni pọ́ǹpù wà, báwo ló sì ṣe jìn sí àpótí iná. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ka lẹ́tà mi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gba tiwọn rò. Owó dọ́là kì í dúró lójú kan, nítorí náà bí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje ni owó náà máa dúró, ẹ má bá wọn jà. Bí wọ́n bá sì gba owó díẹ̀ láti wá wo ilé, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ẹ kàn ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó àpapọ̀ tí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

Báwo ni kí n ṣe sanwó?

Bí mo ṣe ṣe é nìyí: ìdá 70 lọ́jọ́ tí ọjà dé ilé mi, tí mo ti fi orúkọ àti nọ́ńbà wọn wé ìwé, ìdá 20 nígbà tí iná tàn, ìdá 10 lẹ́yìn ọjọ́ 14, nígbà tí ìwé wáráńtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan kì í gbà láti ra ọjà láìgba owó ṣáájú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá wọn lọ sọ́jà, kí rìsíìtì jáde ní orúkọ yín.

Bí wọn kò bá mú wáráńtì ṣẹ lẹ́yìn gbogbo èyí?

Ẹ kọ lẹ́tà kejì, ẹ fi ìwé iye owó àti ìwé wáráńtì sínú rẹ̀, ẹ dá ọjọ́ fún wọn. Tí wọn kò bá dáhùn, àjọ FCCPC ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti gba ẹjọ́ oníbàárà, lábẹ́ òfin ọdún 2018. Ìwé tí ẹ ní lọ́wọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ lẹ́tà náà?

Kí ló dé? Yorùbá ni mo fi kọ tèmi, ẹni tó gba iṣẹ́ náà sì fi Yorùbá dáhùn. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà ara ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn, torí pé `0` àti `O` jọra ju bí ẹ ṣe rò lọ.